Àpótí Tó Ṣófo Nínú Fọ́ọ̀mù: Èwo Ni Ká Kọ, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹbí kan tí irú wọn pọ̀ láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n wà ní Húsítìn ní Amẹ́ríkà. Ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè ibẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá 21 tí òfin wọn là sílẹ̀ fún ọmọ tó bá fẹ́ mú òbí rẹ̀ wá. Ìyá wọn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ti di olóògbé. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ni I-130 ti USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tó fẹ́ wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dí, kò ráyè. Ó gba fáìlì PDF fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ lórí Wasáàpù sí àbúrò rẹ̀ tó wà nílé, ó so fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù Màmá àti ìwé ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní: “Bá mi kọ èyí tó o bá lè kọ, kó o fi ránṣẹ́ padà.”

Àbúrò jókòó ti kọ̀ǹpútà. Orúkọ Màmá kò le, ó wà nínú páṣípọ́ọ̀tù. Ìlú tí wọ́n bí wọn sí náà wà níbẹ̀. Àmọ́ kò tíì rìn jìnnà tí àwọn àpótí fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé kankan tó wà níwájú rẹ̀: ọjọ́ ìbí Bàbá, ọjọ́ tí Màmá ṣègbéyàwó, nọ́ńbà ilé, orúkọ àárín, nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fún Màmá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan á fo gbogbo rẹ̀. Àwọn kan á máa tẹ N/A sí gbogbo ibi tó bá ṣófo, kí fọ́ọ̀mù ṣáà ti kún. Àwọn mìíràn á ronú ọjọ́ kan tó sún mọ́ òótọ́, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó dá a lójú. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè dá ẹbí padà sẹ́yìn, torí pé orí ohun kan náà ni àṣìṣe wọn dúró lé: wọ́n rò pé oríṣi kan ṣoṣo ni àpótí tó ṣófo.

Oríṣi mẹ́rin ni. Àpótí kan wà tí ìbéèrè inú rẹ̀ kò kan ẹni tí à ń kọ fọ́ọ̀mù fún rárá, bíi kí wọ́n béèrè orúkọ ọkọ lọ́wọ́ ẹni tí kò lọ́kọ rí. Òmíràn kan ẹni náà, òdo sì ni ìdáhùn rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá béèrè iye ìgbà tí ẹnìkan ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà tí kò sì jáde rí. Ẹ̀kẹta ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì wà níbìkan láyé, àwa la ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹrin kì í ṣe tiwa: ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, tàbí ti agbẹjọ́rò. Lójú ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Kò lè mọ̀ bóyá a gbàgbé ni, bóyá kò kàn wá, tàbí bóyá ohun kan wà tí a kò fẹ́ sọ.

USCIS fúnra wọn ti fún àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fún méjì nínú wọn. Ó wà nínú ìwé ìlànà tó bá I-130 rìn, tí ọ̀pọ̀ kì í ṣí rárá nítorí pé fáìlì ọ̀tọ̀ ni. Bí ìbéèrè kò bá kàn ẹ́, kọ N/A. Bí ìdáhùn ìbéèrè tó ń fẹ́ iye bá jẹ́ òdo, kọ None. Gbólóhùn kan sì tẹ̀ lé e tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò: àyàfi bí fọ́ọ̀mù bá sọ ohun mìíràn. Ìyẹn ni pé ibi tí fọ́ọ̀mù bá ti ní ká fo àwọn ìbéèrè kan, a lè fò wọ́n. Ibi tó bá sì ti ní ká kọ ọ̀rọ̀ kan pàtó, ọ̀rọ̀ yẹn ni ká kọ, kì í ṣe N/A. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹni tí à ń kọ fọ́ọ̀mù fún kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, Unemployed ni wọ́n fẹ́ rí nínú àpótí agbanisíṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà ni, kì í ṣe aláìníṣẹ́, N/A kò sì tọ́ sí i. Self-employed ni a ó kọ, a ó sì kọ irú òwò tó ń ṣe.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a kò mọ̀, ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń kọ síbẹ̀ ni Unknown. Ó yàtọ̀ pátápátá sí N/A. Bí àbúrò bá kọ N/A sí ọjọ́ ìbí Bàbá, ohun tó sọ ni pé ìbéèrè ọjọ́ ìbí kò kan Bàbá, bí ẹni pé wọn kò bí wọn. Bó bá kọ Unknown, ó sọ òótọ́: wọ́n bí wọn lọ́jọ́ kan, a kò mọ ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá rò pé mo ń fi nǹkan kékeré ṣe ńlá, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ìparí ọdún 2019. USCIS bẹ̀rẹ̀ sí í dá fọ́ọ̀mù padà bí àpótí kan ṣoṣo bá ṣófo nínú rẹ̀, ì báà má já mọ́ nǹkan kan. I-589 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fọ́ọ̀mù tí ẹni tó sá àsálà kúrò nílùú rẹ̀ fi ń tọrọ ààbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà á dé I-918, tó jẹ́ ti àwọn tí ọ̀daràn ṣe níkà tí wọ́n sì ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́, àti I-612. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà fún ẹni tí kò ní orúkọ àárín tí kò sì kọ nǹkan kan síbẹ̀. Àyè ọmọ ìyá mẹ́rin ló wà nínú I-589. Ẹni tó ní mẹ́ta péré tó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó fi àyè kẹrin sílẹ̀, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ náà lè padà wá bá a. Ìdápadà yìí kì í ṣe ìyà ọjọ́ kan. Láàárín ọdún kan tí ẹni tó ń tọrọ ààbò bá dé Amẹ́ríkà ni òfin ní kó fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá sì dá padà kò tíì wọlé. Ẹni tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí ọdún kan náà ti ń tán lọ lè rí i pé àkókò ti kọjá kí ó tó tún un ṣe.

Ní oṣù November ọdún 2020, wọ́n pe USCIS lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Kalifọ́níà, ẹjọ́ tí wọ́n mọ̀ sí Vangala. Kí ọdún náà tó parí, ọ́fíìsì náà gbà láti dáwọ́ ìdápadà yìí dúró, wọ́n sì kéde ní April 2021 pé àwọn ti padà sí bí àwọn ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ náà jẹ́ kí àwọn tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù wọn padà lè gba ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìwọlé rẹ̀. I-130 kò sí lára fọ́ọ̀mù mẹ́ta yẹn. Àmọ́ látìgbà náà ni àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ti fẹ́ rí àpótí tó ṣófo mọ́, ìmọ̀ràn pé kí èèyàn má ṣe fi ohunkóhun sílẹ̀ sì tàn kálẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára débì kan. Ibi tó ti burú ni ibi tí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn kọ fọ́ọ̀mù ti gbọ́ ọ, tó wá rò pé òun ló gbọ́dọ̀ wá nǹkan dí gbogbo ihò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ohun tí àbúrò kò mọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n kò mọ̀. Fọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe ti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ló máa fọwọ́ sí i, lábẹ́ ìbúra pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ òótọ́, òfin ìbúra èké sì dè é. Nígbà tí àbúrò bá tẹ Unknown sí àpótí kan nítorí pé kò sí nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó ti fi ẹnu ẹ̀gbọ́n sọ pé ẹ̀gbọ́n kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn náà lè wà nínú dúróà ẹ̀gbọ́n ní Húsítìn, tàbí lórí ahọ́n Màmá nínú pálọ̀.

Ìbéèrè kan wà nínú I-130 tó sọ èyí kedere ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ó wà ní Apá 4, apá tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ́ mú wá: ǹjẹ́ ẹlòmíràn ti fi irú fọ́ọ̀mù báyìí sílẹ̀ fún ẹni yìí rí? Dípò ìdáhùn méjì tí a mọ̀, mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Yes, No àti Unknown. Wọ́n wá kọ àkíyèsí kan sí i pé kí o mú Unknown kìkì bí ìwọ tó ń fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kò bá mọ̀, tí ẹni tí o ń kọ ọ́ fún náà kò sì mọ̀. Ẹ ò rí i? Àìmọ̀ ènìyàn kan kò tó. A ní láti béèrè kí a tó lè sọ pé a kò mọ̀. Ìbéèrè yìí nìkan ni wọ́n kọ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ sí, àmọ́ èmi gbà pé gbogbo àpótí tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà ló yẹ ká fi bá lò.

Nítorí náà, nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí àbúrò bá ń ṣe, àpótí tó ṣófo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òun gan-an ló yẹ. Kó kọ èyí tí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́rìí sí. Kó fi ìyókù sílẹ̀ ní òfìfo, kó sì kọ wọ́n sórí ìwé ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ojú ewé, apá àti nọ́ńbà ìbéèrè, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí ìdáhùn bá dé ni òfìfo kọ̀ọ̀kan yóò di ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin: ìdáhùn gidi, N/A, None, tàbí Unknown. Àpótí tó bá ṣófo nínú ẹ̀dà tí à ń ṣiṣẹ́ lé lórí ń sọ fún ẹ̀gbọ́n pé iṣẹ́ kù níbẹ̀. Àpótí tí wọ́n bá fi àbá dí kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n á ka fọ́ọ̀mù náà lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, á rí i pé ó kún, á sì fọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀ pé àbá ni.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àwọn àpótí tó kọ́ àbúrò lọ́rùn níkọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ ìgbéyàwó Màmá ló kọ́kọ́ ń dààmú rẹ̀. Ìdána ni wọ́n ṣe, kò sí ìwé, ohun tí Màmá sì rántí ni pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ó sì ku ọdún díẹ̀ kí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ti fẹ́ dá ọjọ́ kan sọ. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kó ka ohun tó wà lókè àpótí náà dáadáa. Ọjọ́ ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni wọ́n béèrè, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹni náà bá ṣì wà nílé ọkọ. Opó ni Màmá. Ìbéèrè náà kò kàn wọ́n, N/A ló tọ́. Ohun tó kan Màmá ni èyí tó tẹ̀ lé e: orúkọ àwọn ọkọ tí wọ́n ti ní rí àti ọjọ́ tí ìgbéyàwó náà parí. Ikú ló parí ti Màmá, nítorí náà ọjọ́ tí Bàbá kú ni ìdáhùn. Èyí kì í sábà ṣòro nílé Yorùbá. Ìwé ètò ìsìnkú Bàbá wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ Màmá, ọjọ́ náà sì wà lára páálí rẹ̀ níwájú. Ká ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2011 ni. Oṣù ni Amẹ́ríkà ń kọ ṣáájú ọjọ́, nítorí náà 03/14/2011 ni yóò jẹ́. Bí ọjọ́ náà bá jẹ́ ọjọ́ karùn-ún, tí àbúrò kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé, 05/03/2011, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé àṣìṣe ni títí ìwé mìíràn yóò fi ta kò ó.

Ọjọ́ ìbí Bàbá ni ìwé ètò ìsìnkú kò sọ. Ọdún nìkan ló wà níbẹ̀, 1938, ọdún náà sì lè jẹ́ èyí tí ẹbí fojú bù nígbà ìsìnkú. Apá 2 ni wọ́n ti béèrè èyí, nínú àwọn ìbéèrè nípa òbí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Kí àbúrò má ṣe sọ 1938 di 01/01/1938. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní tí kò ti inú ìwé kankan wá jẹ́ irọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Unknown ni, kí a sì ṣàlàyé ní Apá 9, àyè àfikún tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, pé ọdún 1938 ni ẹbí gbà pé wọ́n bí wọn. Ní ti ìlú tí Bàbá ń gbé báyìí, ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń kọ ni Deceased.

Ọjọ́ ìbí Màmá yàtọ̀. 01/01/1951 ló wà nínú páṣípọ́ọ̀tù wọn, gbogbo ilé sì mọ̀ pé ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù páṣípọ́ọ̀tù náà ló mú ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ló wà bẹ́ẹ̀, torí wọn kò forúkọ ìbí wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba rí. Ọdún 1992 ni òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan fún gbogbo Nàìjíríà lábẹ́ àjọ ètò ìkànìyàn jáde. Ǹjẹ́ Unknown ló yẹ níbí? Rárá. Ọjọ́ tó wà nínú páṣípọ́ọ̀tù ti di ọjọ́ ìbí Màmá lójú ìjọba méjèèjì, òun ni yóò wà lórí físà wọn, òun ló gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 01/01 ti Màmá àti èyí tí mo ní kí àbúrò má dá sọ fún Bàbá ni pé ìwé ìjọba wà lẹ́yìn ti Màmá. Bí ìwé mìíràn bá wà tó ta kò ó, bíi káàdì ìdìbò tàbí ìwé NIN tó ní 1949, ibẹ̀ ni ká ti sọ̀rọ̀ ní Apá 9, kí ẹbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí. Bí ìwé gidi kò bá sí níbi kankan, òfin Amẹ́ríkà gba ìwé ìbúra láti ọwọ́ èèyàn méjì, ó kéré tán, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn tí wọn kì í sì í ṣe ẹni tí fọ́ọ̀mù náà jẹ́ tirẹ̀.

Orúkọ àárín: Màmá kò ní nínú páṣípọ́ọ̀tù. N/A. Kí àbúrò má ṣe mú orúkọ kan nínú orúkọ ìbí wọn fi dí i. Àmọ́ apá kan tún wà fún gbogbo orúkọ mìíràn tí ẹni náà ti jẹ́ rí, orúkọ ilé bàbá wọn kí wọ́n tó wọlé ọkọ àti orúkọ ìnagijẹ sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Níbí ni Yorùbá ti ní ọ̀pọ̀ ohun tó lè kọ. Màmá ní orúkọ tí bàbá sọ wọ́n, èyí tí ìyá ìyá wọn sọ wọ́n, oríkì, orúkọ ìsàmì, àti “Ìyá Délé” tí gbogbo ọjà mọ̀. Ìdáhùn tèmi ni pé orúkọ yòówù tó bá wà lórí ìwé kan tí òṣìṣẹ́ lè rí lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ wọlé: orúkọ ilé bàbá wọn, orúkọ tó wà lórí ìwé ìsàmì, orúkọ tí wọ́n fi ra ilẹ̀. Orúkọ tí àwọn aládùúgbò fi ń pè wọ́n lẹ́nu, ẹ bi ẹ̀gbọ́n. Òun ni yóò fọwọ́ sí i, òun ló yẹ kó pinnu bóyá orúkọ náà tó ohun tí wọ́n ń pè ní orúkọ mìíràn. Àbúrò kò gbọ́dọ̀ kọ N/A síbẹ̀ kìkì nítorí pé páṣípọ́ọ̀tù kò sọ nǹkan kan, torí ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn lè yọjú nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ wá Màmá lẹ́nu wò ní kọ́ńsúléètì tó wà l’Ékòó.

Àdírẹ́sì nìkan ló kù tó gba ìṣọ́ra. Agbo ilé ni Màmá ń gbé, ilé náà kò ní nọ́ńbà, ojú ọ̀nà náà kò sì ní orúkọ. Ẹ kọ orúkọ agbo ilé àti àdúgbò bí ẹni tó ń mú lẹ́tà wá ṣe mọ̀ ọ́n, nínú àpótí òpópónà. Ẹ má ṣe fún ilé ní nọ́ńbà tí kò ní. State àti ZIP Code jẹ́ ti àdírẹ́sì inú Amẹ́ríkà, Province ni ibi tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń wọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á béèrè pé bí èdè ìbílẹ̀ ẹni náà kò bá lo lẹ́tà ABD, kí a kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ní lẹ́tà èdè náà. Àwọn kan máa ń fi Yorùbá olóhùn kún ibí yìí. Kò kàn wá, lẹ́tà kan náà là ń lò. N/A.

Bí àyè ọmọ bá jẹ́ márùn-ún tí Màmá sì bí mẹ́rin, ẹ kọ N/A sí àpótí orúkọ nínú àyè karùn-ún. Ìyẹn ti tó láti fi hàn pé a kò gbàgbé ẹnikẹ́ni.

Wàhálà kan tún wà tí kì í ṣe ti ìmọ̀, ti fáìlì PDF náà ni. Àwọn àpótí kan nínú rẹ̀ kò gba lẹ́tà. Àpótí ọjọ́ fẹ́ nọ́ńbà nìkan, àpótí nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àlejò náà lè kọ N/A sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó tẹ òdo mẹ́sàn-án síbẹ̀ kí fáìlì lè gbà á. Ẹ má dán an wò, torí òdo mẹ́sàn-án jẹ́ nọ́ńbà, ó sì ń sọ pé Màmá ní nọ́ńbà kan. Ẹ fi àpótí náà sílẹ̀, ẹ tẹ fọ́ọ̀mù náà jáde lórí ìwé, kí ẹ fi bíìrò dúdú kọ N/A tàbí Unknown síbẹ̀ ketekete. Bí àyè bá há, Apá 9 ṣì wà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀ ni ojú ewé, nọ́ńbà apá àti nọ́ńbà ìbéèrè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà àlàyé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́, kò sì yẹ kó gùn. Ti ọjọ́ ìbí Bàbá lè rí báyìí:

```
Exact date of birth unknown. Family believes he was born in 1938.
No birth record was made. He died on 03/14/2011.
```

Àwọn àpótí kan sì wà tí àbúrò kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, bó tilẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ For USCIS Use Only sí lókè ojú ewé kìn-ín-ní jẹ́ ti òṣìṣẹ́, òfìfo ló gbọ́dọ̀ wà. Àyè agbẹjọ́rò náà, bí kò bá sí agbẹjọ́rò. Gíga, ìwọ̀n ara àti ẹ̀yà ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n béèrè ní Apá 3, ẹ̀gbọ́n ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ Yes tàbí No nípa ẹjọ́ tàbí nípa ìwé tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àbúrò má ṣe mú No kìkì nítorí pé ó rò pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìbuwọ́lùwé àti ọjọ́ tí wọ́n bu ọwọ́ lù ú, ẹ̀gbọ́n nìkan. Fọ́ọ̀mù tí kò ní ìbuwọ́lùwé ni wọ́n ń dá padà láìka ìyókù sí, àkókò tí òfin àpótí tó ṣófo wà àti lẹ́yìn rẹ̀.

Bí àlàfo kan bá sì wà tí ọ́fíìsì fẹ́ mọ̀ sí i lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti wọlé, wọ́n lè kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n láti béèrè ẹ̀rí. Ọjọ́ 84 ni àkókò tó pọ̀ jù tí wọ́n ń fúnni láti dáhùn, yàtọ̀ sí ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n ń fi kún un nítorí ìfìwéránṣẹ́. Ìdáhùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà, gbogbo ohun tí wọ́n béèrè gbọ́dọ̀ jọ dé pọ̀. Lẹ́tà yìí ń dá iṣẹ́ dúró, ó sì ń kó ìdààmú báni, àmọ́ ó ní àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ dá sọ yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbà pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ lórí ohun tó ṣe pàtàkì láti fi rí ìwé gbà, òfin wọn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún títí ayé, àyàfi bí ó bá rí ìdáríjì pàtàkì gbà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bá ẹbí wọn kọ fọ́ọ̀mù pé, láàárín òfìfo àti àbá, kí wọ́n mú òfìfo.

Apá kan ṣoṣo ló wà tó jẹ́ ti àbúrò fúnra rẹ̀, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àbúrò máa ń fi sílẹ̀ ní òfìfo. Apá 8 ni, ti ẹni tó bá ẹlòmíràn ṣètò fọ́ọ̀mù náà. Àwọn èèyàn rò pé ti agbẹjọ́rò tó ń gbowó ni, àmọ́ ẹni yòówù tó bá bá ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ ló wà fún, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀dọ́mọdé tó ń ṣiṣẹ́ ní káfè. Orúkọ àbúrò, àdírẹ́sì rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló ń wọlé síbẹ̀, yóò sì bu ọwọ́ lù ú. Ohun tó ń fọwọ́ sí ni pé ẹ̀gbọ́n ló ní kí òun ṣe é, àti pé kìkì ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ fún òun, tàbí tó fún òun láṣẹ láti wá, ni òun kọ síbẹ̀.